Àbàwọ́n Wà Láàárín Pálọ̀, Ẹ̀bá Ògiri Ni Omi Ti Ń Wọlé

Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni, ní apá Akóbọ̀ ní Ìbàdàn. Ó jẹ́ irú àwọn ilé ìgbàlódé tí wọ́n ń mọ ògiri wọn kọjá òrùlé, tí ẹni tó bá dúró níta kò fi ní rí páànù rárá. Páràpẹ́ẹ̀tì ni àwa oníṣẹ́ ń pe ògiri náà. Màmá tó ni ilé ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọdún mẹ́fà ni wọ́n sì ti ń gbé ibẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn nínú oṣù Kẹfà.

Àbàwọ́n kan ni wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí. Ó wà ní àjà pálọ̀, kò jìnnà sí gílóòbù àárín. Ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí. Mo gun àkàbà lọ wò ó dáadáa. Òrùka mẹ́rin ni mo kà nínú rẹ̀, ọ̀kan yí èkejì ká, etí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ṣú ju àárín lọ. Kò yẹ kí káfíńtà wo irú òrùka bẹ́ẹ̀ kó sì kọjá lọ. Bí omi bá rin pí-ó-pì, á kó eruku orí àjà àti àwọ̀ ara igi dání, bó bá wá ń gbẹ, etí ló máa ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Òrùka kan ń sọ fún wa pé omi dé, ó sì gbẹ kí omi mìíràn tó dé. Ibi tí omi kò ti dáwọ́ dúró, bí ibi tí páìpù ti ń jò, kì í sábà ní òrùka tó dá yàtọ̀ síra báyìí; ṣe ló máa ń rin gbingbin. Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òjò ló ń wọlé. Mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ n kò lò ó. Ibẹ̀ ni àṣìṣe tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Káfíńtà méjì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi. Ẹni àkọ́kọ́ wá nínú oṣù Kọkànlá. Ó gun orí òrùlé, ó fojú díwọ̀n ibi tó bá àbàwọ́n mu, ó sì fi ọ̀dà dúdú bo gbogbo orí ìṣó tó wà níbẹ̀. Òjò kò tún rọ̀ títí di oṣù Kẹta, gbogbo ilé sì gbà pé ó ti parí. Òjò oníjì àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun ló fi hàn pé kò sí ohun tó yí padà. Ẹni kejì wá nínú oṣù Karùn-ún, ó yọ páànù méjì tó wà lórí ibẹ̀ gan-an, ó sì fi tuntun rọ́pò wọn. Páànù méjì tó dára ló yọ dànù. Mo rí wọn níbi tí wọ́n kó wọn sí lẹ́yìn ilé, kò sí ihò kankan lára wọn ju ti ìṣó lọ.

Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbà gbọ́, pé ibi tí omi ti kán sílẹ̀ ni omi ti wọlé. Bí òrùlé bá jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, wọn ì bá jàre. Òrùlé kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó bá wọ abẹ́ páànù kì í já bọ́ lójú ẹsẹ̀; á lẹ̀ mọ́ abẹ́ páànù, á máa sọ̀kalẹ̀ lọ títí tó fi máa kan pọ́lìnì, ìyẹn igi tó dábùú tí a kan páànù mọ́. Bó bá ti kan pọ́lìnì, ó lè bá a lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó sì lè bọ́ sórí ráfítà, igi tó dagẹ̀rẹ̀ tó gbé pọ́lìnì dání. Ráfítà ni ọ̀nà márosẹ̀ rẹ̀. Omi lè rin ìrìn mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára ráfítà kan láìkán ẹyọ kan sílẹ̀, títí ohun kan yóò fi dá a dúró, ìbáà ṣe orí ìṣó tó yọ síta, kókó igi, tàbí ibi tí wọ́n ti so igi méjì pọ̀. Ibẹ̀ ni yóò ti kán, orí àjà tó wà lábẹ́ ibẹ̀ ni yóò sì bà jẹ́.

Mo mọ gbogbo èyí nígbà tí mo dé. Mo sì tún ṣì í.

Ohun tí mo ṣe nínú oṣù Kẹfà nìyí. Mo gun òrùlé lọ, mo wo bó ṣe rí. Pálọ̀ náà wà lábẹ́ apá kan tó dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo: orí rẹ̀ gbára lé páràpẹ́ẹ̀tì ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí gọ́tà kànkéré tó wà ní ìlà-oòrùn. Páànù alumíníọ̀mù gígùn ni, mítà 6 láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ìsopọ̀ láàárín. Ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, bíi dígírì 10. Níbi tí páànù ti pàdé ògiri lókè, wọ́n fi páànù pẹlẹbẹ kan tí wọ́n tẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ bo ojú ibẹ̀. Fíláṣìn ni à ń pè é. Láti ibi tí mo dúró, fíláṣìn náà ṣì dára: kò ká, kò ya, kò dípẹtà.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa fi garawa da omi láti òkè, níbi ẹ̀bá ògiri, kó sì máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Èmi dúró nínú pálọ̀, mo ń wo àjà. Ó dà á sí ẹ̀bá ògiri fún ìṣẹ́jú 10, kò sí nǹkan. Ó sọ̀kalẹ̀ wá sí ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn ní ẹ̀gbẹ́, ó ń dà á síbẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ni àjà bá kán tó! Inú mi dùn. Mo ní, "Ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn." Mo tú ojú ìgunra náà, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo kan ìṣó onírọ́bà tuntun sí i, mo sì gba owó iṣẹ́ mi.

Oṣù Keje dé, òjò rọ̀ bí ẹní rán an níṣẹ́, òjò tó máa ń rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò jò. Màmá pè mí, wọ́n ṣàdúrà fún mi lórí fóònù. Nínú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tún pè mí. Wọn kò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kàn ní, "Bọ̀dá Káfíńtà, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o."

Nígbà tí mo dé, dípò kí n gun òrùlé, mo jókòó. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, irú òjò wo ló máa ń jò?"

Wọn kò tilẹ̀ ronú lé e. "Òjò oníjì ni. Èyí tó ń rọ̀ jẹ́jẹ́ kì í jò, bó ti wù kó pẹ́ tó. Àmọ́ bí atẹ́gùn bá ti gbé aṣọ fèrèsé iwájú yìí wọlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo ti mọ̀ pé kí n lọ gbé bọ́ọ̀lì wá."

Mo wo fèrèsé tí wọ́n nawọ́ sí. Ìlà-oòrùn ló kọjú sí.

Gbólóhùn yẹn ló yí gbogbo iṣẹ́ náà padà. Nílẹ̀ wa níbí, ìjì tó máa ń ṣáájú òjò oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, àti ti ìparí òjò nínú oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ìlà-oòrùn ló sábà máa ń ti wá. Òjò oṣù Keje ní tirẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ tó ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá, kì í sì í sábà ní ìjì bẹ́ẹ̀. Ojú ìgunra páànù tí mo dì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òjò méjèèjì. Bí ibẹ̀ bá ń jò, òjò àtàárọ̀-dalẹ́ ni ì bá kọ́kọ́ wọlé, nítorí omi rẹ̀ pọ̀ lórí páànù fún wákàtí gígùn. Ohun tó ń jò nígbà ìjì ìlà-oòrùn nìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tí omi kì í dé bí kò bá sí afẹ́fẹ́ tó gbé e dé ibẹ̀. Lórí òrùlé yẹn, ohun kan ṣoṣo ló rí bẹ́ẹ̀: ojú inú páràpẹ́ẹ̀tì ìwọ̀-oòrùn, ògiri tó dúró gbọnrangandan lókè páànù. Bí òjò bá ń rọ̀ tààrà, ògiri náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má rin. Bí ìjì bá dé, gbogbo òjò tó ń fò lórí páànù á lọ lù ú.

Mo wá rí ibi tí mo ti ṣì í nínú oṣù Kẹfà. Láti òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, mo sì gbé garawa kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10. Omi tí a dà sí ẹ̀bá ògiri ló ti ń rìn bọ̀ nínú ilé kí a tó dé ojú ìgunra páànù. Nígbà tó máa kán, ọwọ́ wa ti wà níbòmíràn, ibi kejì sì wá jẹ ẹ̀bi ibi àkọ́kọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí etí àbàwọ́n náà ká, mo sì kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a lè mọ̀ bó bá fẹ̀ sí i. Mo fi téèpù wọn ọ̀nà tó jìn sí ògiri méjì: mítà 3.2 sí ògiri ìwọ̀-oòrùn, mítà 1.1 sí ògiri gúúsù. Iye méjì yẹn ni mo gbé gun orí àjà, nítorí téèpù nìkan ló lè gbé ènìyàn dé ibi gan-an nínú òkùnkùn yẹn. Mo ní kí wọ́n pa iná gbogbo ilé ní mítà kí n tó wọlé, torí wáyà gílóòbù kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí ibi tí omi ti ń kán. Mo tẹ́ pákó sórí àwọn igi, mo wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ọmọ iṣẹ́ mi wà lórí òrùlé pẹ̀lú họ́òsì, ojú ibi tí orí ìṣó tò sí nìkan ló ń fẹsẹ̀ tẹ̀, nítorí pọ́lìnì wà lábẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá tẹ àárín páànù á fi ihò tuntun sílẹ̀ lọ.

Láti ìsàlẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lórí páànù tó wà lókè àbàwọ́n àti díẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀: kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú 15 lórí ìṣó àti ojú ìgunra, títí dé ẹsẹ̀ fíláṣìn: kò sí nǹkan, àní níbi tí mo fi gọ́ọ̀mù sí nínú oṣù Kẹfà. Ìṣẹ́jú 15 lórí fíláṣìn fúnra rẹ̀, kí omi máa ṣàn láti ìdajì rẹ̀ sísàlẹ̀: kò sí nǹkan. Orí àjà gbóná bí inú ààrò, òógùn ń wọ̀ mí lójú, àmọ́ n kò jẹ́ kó yára. Bí a bá ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibi tí a ti kọjá ti gba ìdáláre tirẹ̀, kò sì lè padà wá dà wá láàmú.

Mo wá ké sí i lórí fóònù pé, "Gbé họ́òsì kúrò lórí páànù. Máa fọ́n ọn sára ògiri, bí òjò oníjì."

Ní ìṣẹ́jú keje, búlọ́ọ̀kù tí kò ní símẹ́ńtì lára, tó wà lókè orí ráfítà kan, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìlà kan ni, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Lẹ́bàá ìlà náà ni mo ti rí ohun funfun bí iyẹ̀fun, iyọ̀ ògiri tí omi àtẹ̀yìnwá ti gbé jáde tó sì gbẹ síbẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Èmi ni n kò wọlé lọ wò ó. Ní ìṣẹ́jú kọkànlá, ẹ̀gbẹ́ ráfítà náà ń dán nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Mo tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú. Omi náà kò sáré, kò sì kán. Ó lẹ̀ mọ́ etí ìsàlẹ̀ igi bí òkùn dígí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, lójú ọ̀nà dúdú tí omi ti ọjọ́ pípẹ́ ti là sára igi. Ó dé ibi tí wọ́n ti so ráfítà, ó kan orí igi àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi gbá ojú ìsopọ̀ mú, ó dúró, ó kó jọ, ó wú. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógún, ó kán. Mo fi téèpù wọn ibẹ̀: mítà 3.2 sí ògiri.

Mítà 3.2 yẹn kì í ṣe ohun tó ṣèèṣì. Igi tí à ń rà ní pákó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, ìyẹn bíi mítà 3.66. Wọ́n ti orí rẹ̀ bọ inú ògiri bíi sẹ̀ńtímítà 15, igi àlẹ̀mọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 25 kí igi tó tán. Yọ ìyẹn kúrò, kó o sì rántí pé igi dagẹ̀rẹ̀, ibi tí yóò kù fún ọ kò ní jìnnà sí mítà 3.2. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí àbàwọ́n tó jìn sí ògiri bíi mítà mẹ́ta àti díẹ̀, tó sì wà lójú ọ̀nà tí ráfítà gbà, ibi ìsopọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fura sí, mo sì máa ń bá igi náà gòkè padà lọ sí orísun rẹ̀.

A pa họ́òsì. Omi ṣì ń kán fún bíi ogójì ìṣẹ́jú.

Ó wá kù kí a mọ ìdí tí fíláṣìn tó dára lójú fi gba omi láyè. Mo gun òkè lọ, mo sì fi ọ̀bẹ tẹ etí òkè rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kò la ojú ògiri rárá. Ó kan fíláṣìn mọ́ ara ògiri, ó sì ní kí bíríkìlà fi símẹ́ńtì rẹ́ etí rẹ̀ kó lè bá ògiri dọ́gba. Láti ìsàlẹ̀, ó mọ́, ó dán. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun wà láàárín símẹ́ńtì àti alumíníọ̀mù, ó gùn tó mítà kan, ó sì wà lókè ráfítà yẹn gan-an. Ọ̀bẹ mi wọ ibẹ̀ láìjanpata.

Ohun méjì ló fa ìlà náà. Èkíní ni oòrùn. Alumíníọ̀mù máa ń gùn bó bá gbóná, á sì súnkì bó bá tutù. Páànù tó gùn ní mítà 6, bí ìgbóná rẹ̀ bá fi dígírì 40 yàtọ̀ láti òwúrọ̀ sí ọ̀sán, á gùn sí i bíi mìlímítà márùn-ún àti ààbọ̀. Wọ́n sì kan fíláṣìn mọ́ páànù pinpin, nítorí náà bí páànù ṣe ń rìn ló ń fà á lọ fà á bọ̀ lójoojúmọ́, símẹ́ńtì kò sì lè bá a rìn. Èkejì ni pé símẹ́ńtì tútù máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Níbi tí mo ti ṣí etí náà, ara rẹ̀ ti ní pọ́tọpọ̀tọ funfun, ó ti gbó ju ibi tó kù lọ. Bí ìjì bá ti gbá òjò mọ́ ògiri, omi á máa ṣàn bọ̀ lára ògiri, á wọ ẹ̀yìn fíláṣìn lójú ìlà yẹn, á gba ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, á sì bọ́ sórí ìṣù símẹ́ńtì tí bíríkìlà fi dí ẹ̀gbẹ́ orí ráfítà. Ìṣù símẹ́ńtì náà ló dà bíi pèpéle kékeré tó ń darí gbogbo omi sára igi. Ìdí nìyẹn tí ògiri pálọ̀ fi gbẹ lábẹ́ àjà, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ gba ọjọ́ méjì. A yọ fíláṣìn àtijọ́ kúrò pátápátá. A tẹ etí òkè kòtò páànù sókè díẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀, kí atẹ́gùn má baà ti omi gòkè wọlé. A fi ẹ̀rọ la ojú ògiri ní sẹ̀ńtímítà 15 sókè páànù, ó jìn ní mìlímítà 25. Fíláṣìn tuntun náà jẹ́ apá méjì. Apá ìsàlẹ̀ jókòó lórí páànù, ó bo sẹ̀ńtímítà 20 nínú rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri láìkan ìṣó kankan mọ́ ọn. Apá òkè ti etí rẹ̀ bọ inú ojú tí a là, ó sì gun apá ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà 7.5. A kò kan àwọn méjèèjì pọ̀. Bí páànù bá gbóná tó sì ń rìn, apá ìsàlẹ̀ á bá a rìn lábẹ́ apá òkè, ògiri kò ní mọ̀. A fi ọ̀dà dúdú kun apá tó máa wọ inú ògiri kí a tó tì í wọlé, kí símẹ́ńtì má baà jẹ ẹ́, a fi èèkàn alumíníọ̀mù kéékèèké há a mọ́lẹ̀, a sì fi gọ́ọ̀mù tó ń fà bíi rọ́bà dí ojú rẹ̀. Mo tún fọ́ ìṣù símẹ́ńtì yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ráfítà, mo sì wo igi náà bóyá ó ti jẹrà. Mo fi ìdí ọ̀bẹ kàn án, ó dún ko. Mo fi ẹnu rẹ̀ gún un, kò wọlé ju mìlímítà méjì lọ. Igi náà ṣì yè.

A tún fi họ́òsì fọ́n omi sára ògiri fún odindi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbẹrẹfu ni orí àjà gbẹ.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, ìjì ńlá kan jà pẹ̀lú òjò tó lé ní wákàtí méjì. Omi kò kán. Ṣùgbọ́n Màmá ní àárín àbàwọ́n náà ṣú díẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì tó ọ̀sán kó tó gbẹ. Kò kọjá ìlà pẹ́ńsù mi. Bí kì í bá ṣe ìlà náà ni, mo mọ̀ pé à bá máa jiyàn bóyá ó fẹ̀ tàbí kò fẹ̀. N kò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé kò ṣe nǹkan. Omi ṣì ń wá ọ̀nà.

Mo padà lọ sórí àjà lọ́jọ́ yẹn. Orí ráfítà rin, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kò sí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára búlọ́ọ̀kù; gbogbo ojú búlọ́ọ̀kù náà ló tutù bí ìkòkò àmù. Omi inú ògiri fúnra rẹ̀ nìyẹn. Mo gun páràpẹ́ẹ̀tì, mo wo orí rẹ̀. Pẹrẹsẹ ló rí, símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti sán ní ojú mẹ́ta, èérí dúdú sì ti hù síbẹ̀, àmì pé omi máa ń dúró níbẹ̀ pẹ́. Omi ń gba orí ògiri wọ inú búlọ́ọ̀kù, ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, ó sì ń jáde nísàlẹ̀ fíláṣìn. Fíláṣìn lè dá omi tó ń ṣàn lójú ògiri dúró, àmọ́ omi tó gba inú ògiri wá á kọjá lẹ́yìn rẹ̀, bó ti wù kí a ṣe é dáadáa tó. Jíjò ibẹ̀ kò hàn tẹ́lẹ̀ nítorí omi tó pọ̀ jù ti bò ó mọ́lẹ̀.

A ní kí wọ́n tẹ páànù alumíníọ̀mù bíi fìlà fún gbogbo gígùn orí ògiri náà, tó sọ̀kalẹ̀ sẹ̀ńtímítà márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ta síta díẹ̀ kí omi lè kán kúrò lára ògiri dípò kó máa yọ́ lára rẹ̀. A fi símẹ́ńtì gbé orí ògiri ga ní ẹ̀gbẹ́ ìta, kó lè máa dagẹ̀rẹ̀ sínú, sórí òrùlé, a jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, a sì tẹ́ ọ̀rá nípọn lé e kí fìlà tó jókòó. Ẹ̀gbẹ́ la ti kàn án. Ìṣó tí a bá kàn láti òkè, ihò tuntun la fi dá.

Ní ti àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà padà látìgbà yẹn. Àkàbà ṣì máa ń wà lórí ọkọ̀ nígbà tí mo bá ń bi onílé pé òjò wo ló ń jò, àti pé láti ibo ni atẹ́gùn rẹ̀ ti ń wá. Bí wọ́n bá ní òwúrọ̀ kùtù ló ń kán, láìsí òjò, pàápàá lẹ́yìn alẹ́ tó tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrì tó mú abẹ́ páànù, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ orí àjà sì ni, kì í ṣe ti ihò. Orí àjà ni mo ń kọ́kọ́ wọ̀, lójú ọ̀sán, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nítorí igi kì í gbàgbé ọ̀nà tí omi gbà. Ìlà dúdú, iyọ̀ funfun àti ìpẹtà orí ìṣó á wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí àjà bá ti gbẹ tán. N kì í gba iṣẹ́ jíjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn láìfi họ́òsì dán an wò, nítorí nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọwọ́ gbogbo káfíńtà ló dára. Bí onílé bá sì ní òun kò lè dúró kí a lo wákàtí méjì lórí ìdánwò, mo máa ń sọ fún wọn pé iye páànù tí wọ́n máa rà láìnídìí yóò ju owó wákàtí méjì náà lọ.

Màmá fẹ́ kun àjà kí ọdún Kérésì tó dé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Òjò oníjì méjì kọjá nínú oṣù Kẹta, ẹ̀kẹta nínú oṣù Kẹrin, mo sì lọ wo inú ìlà pẹ́ńsù lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbẹ. Nígbà náà ni a tó fi pẹ́ńtì olóòróró kun ojú àbàwọ́n náà nìkan, lẹ́ẹ̀kan, kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí a tó fi pẹ́ńtì olómi kun gbogbo àjà. Bí a bá fi pẹ́ńtì olómi kùn ún tààrà, àwọ̀ igi yẹn á tún yọ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, onílé á sì rò pé ilé tún ti ń jò.